Ìwé Ìkíni Káàbọ̀ sí Òbí: Bí Tíṣà Pírámárì Kìíní Ṣe Lè Kọ Èyí Tí Òbí Á Kà Tí Á sì Lò

Ìwé tí mò ń sọ yìí ni èyí tí tíṣà kíláàsì máa ń fi ránṣẹ́ sílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Pírámárì kìíní ni mo ti ń kọ́ n'Íbàdàn láti ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí náà tiwọn ni mo mọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè jíṣẹ́ délé kó pé. Mo rán ọ̀kan rí pé kó ní kí màmá òun ra ìwé aláwọ̀ búlúù. Lọ́jọ́ kejì, búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun ni ìyá ẹlẹ́ni dì sínú ọ̀rá tó fi sínú báàgì ọmọ.

Ìdí tí a fi ń kọ ìwé nìyẹn. Àmọ́ púpọ̀ nínú ìwé tí à ń kọ kì í jíṣẹ́ ju ọmọ yẹn lọ. Ẹ wo gbólóhùn yìí tó wọ́pọ̀ nínú wọn: "A rọ ẹ̀yin òbí kí ẹ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú wa." Kí ni ìyá tó ń wẹ ọmọ fún un ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Gbogbo gbólóhùn tó bá wọ inú ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹnì kan lè ṣe nílé. Bí ẹ bá di èyí mú, ìyókù á rọrùn.

Ẹ kọ́kọ́ rin ọjọ́ ọmọ náà láti géètì dé géètì

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó wọlé, ẹ mú bébà kan, kí ẹ fọkàn tẹ̀lé ọmọ kan láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ́nu géètì títí di ìgbà tí wọ́n á fi wá mú un. Ta ló gbà á? Ibo ló gbé fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ sí? Ìgbà wo ló jẹun? Bí omi rẹ̀ bá tán ńkọ́? Ta ló mú un lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Níbo ló jókòó sí nígbà tí àwọn yòókù ti lọ tán? Ní ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín bóyá nǹkan kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ ṣe nílé kí ibẹ̀ yẹn tó lè lọ geere. Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ni kó wọ inú ìwé. Ìyókù, ẹ fi sílẹ̀.

Ibi ìrìn yìí ni mo ti rí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ kan máa ń tọ̀ sára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí a sì rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo rí i tó ń fa bẹ́líìtì tuntun tí bàbá rẹ̀ rà fún un, tó fà á títí kò tú, títí omi fi dà. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn yìí ti wà nínú ìwé mi:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bẹ́líìtì sí ṣòkòtò ọmọ tí kò bá tíì lè tú u fúnra rẹ̀. Èyí tó ní rọ́bà níbàdí ló dára. Ẹ jẹ́ kó fi ṣíṣí fúláàsì àti ike omi rẹ̀ dánra wò nílé kó tó gbé wọn wá."

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba àwọn ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín: aago tí géètì ń ṣí, ọjọ́ ìsinmi àárín sáà, ọjọ́ tí òbí lè wá wo iṣẹ́ ọmọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé kàlẹ́ńdà sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde fún ara rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe kọ déètì tí ẹ gbọ́ lẹ́nu tíṣà ìpínlẹ̀ míì. Èyí tí kò bá tíì dájú, ẹ má kọ ọ́ rárá. Bí òbí bá ti gbàyè níbi iṣẹ́ nítorí déètì yín, tí déètì sì yí padà, kò ní ka ìwé yín tó kàn mọ́.

Ewé kan ni, èdè méjì

Ìwé mi kì í ju ewé kan lọ. Yorùbá wà lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kejì, ìwé ìdáhùn tí òbí á kọ nǹkan sí sì dá dúró lórí ìdajì bébà, kó má baà jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gé e fún mi, apá kan ọ̀rọ̀ mi á bá a lọ. Kò sí ìdí láti tijú Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Bí a bá lè fi kọ́ ìṣirò, a lè fi sọ aago tí géètì ń ṣí.

Ẹ ronú sí ẹni tó máa kà á. Nínú kíláàsì mi, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni àwọn kan ń gbé, àwọn míì wà lọ́dọ̀ àǹtí. Ìdí nìyí tí n kì í fi í kọ "Ẹ̀yin bàbá àti ìyá" sórí rẹ̀. "Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa" ló gba gbogbo wọn. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa, ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ìnáwó ìwé àti aṣọ ọmọ. Èmi ni n óò máa kọ́ ọmọ yín ní pírámárì kìíní lọ́dún yìí. Orúkọ mi ni … Ẹ lè pè mí lórí nọ́ńbà yìí láti aago 2:30 ọ̀sán sí aago 6:00 ìrọ̀lẹ́: … Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ pe ọ́fíìsì: …"

Ó tán. Òbí ti mọ orúkọ mi, ó mọ ìgbà tí mo lè gbé fóònù, ó sì mọ ẹni tó máa pè bí n kò bá gbé e. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ sínú ìwé yìí rárá. Ọ́fíìsì ní ìwé tirẹ̀ fún ìyẹn. Bí òbí tó jẹ gbèsè bá rí owó ní ìlà kẹta, á ká ìwé náà sí méjì, á tì í sábẹ́ tẹlifíṣàn, ọ̀rọ̀ àìsàn àti ti ẹni tó ń mú ọmọ tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní ṣojú rẹ̀.

Aago, pẹ̀lú ìdí rẹ̀

Ẹ kọ aago pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ẹ sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago náà. "Ẹ má pẹ́" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó gbà pé aago mẹ́jọ ààbọ̀ kò tíì pẹ́. Èyí tí mo ń kọ rèé:

"Géètì ń ṣí ní aago 7:00. Àpéjọ òwúrọ̀ jẹ́ aago 7:45. Ní aago 8:00 géérégé ni a ń kọ́ ìró lẹ́tà tuntun, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la sì fi ń kọ́ ọ. Ọmọ tó bá dé ní aago 8:30 lójoojúmọ́ á ti pàdánù wákàtí méjì ààbọ̀ ìwé kíkà kí ọ̀sẹ̀ tó parí."

Ẹ má kọ ọ́ pé ọmọ tó bá pẹ́ á jìyà. Ọmọ ọdún mẹ́fà kọ́ ló ń gbé ara rẹ̀ wá sílé-ẹ̀kọ́.

Ta ló ń wá mú ọmọ lọ?

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ohun tí a kọ sínú ìwé kò ju "Ẹ tètè máa wá mú ọmọ yín" lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn aago méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó ní àbúrò bàbá ọmọ kan ni òun. Ọmọ náà sáré lọ dì mọ́ ọn, ó ń pè é ní bọ̀ọ̀dá. Mo fa ọmọ lé e lọ́wọ́. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí ìyá ọmọ fi dé. Nígbà tí mo sọ ẹni tó mú un fún un, ó ní òun kò rán ẹnikẹ́ni. A pe bàbá, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu géètì, ó di gèlè rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni bàbá pè padà: òun ló rán àbúrò òun, ọmọ wà nílé ìyá àgbà, ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́.

Nǹkan kan kò ṣe ọmọ náà, ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ̀bi. Pé ọmọ mọ èèyàn kò túmọ̀ sí pé wọ́n rán onítọ̀hún. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù ni pé kò sí ibì kankan tí a ti bi àwọn òbí pé ta ló lè wá. Ohun tó wà nínú ìwé mi nísinsìnyí nìyí:

"A ń parí ní aago 2:00. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù èèyàn mẹ́ta, ó pọ̀ jù, tó lè wá mú ọmọ yín sínú ìwé ìdáhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, a kò ní fún un lọ́mọ, kódà bí ọmọ bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹlòmíì, ẹ pe ọ́fíìsì kí aago 1:30 tó lù, kí ẹ sọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí èmi àti ẹ̀yin jọ mú. Ẹni tí ẹ rán náà gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún wa. Bí a bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, a óò mú òmíràn. Bí ó bá di aago 2:45 tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, ọmọ á wà lọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì, a ó sì máa pè yín."

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà kò nílò kó le. Orúkọ oúnjẹ tàbí ti ìlú tó, bí "òjòjò" tàbí "Ìsẹ́yìn". Lójúkojú ni mo ń bá òbí mú un, n kì í kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ ń gbé kiri. Bí ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ kan bá ń gbé ọmọ lójoojúmọ́, òun náà wà lára èèyàn mẹ́ta yẹn, a ó sì kọ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ síwájú orúkọ rẹ̀.

Àwọn òbí tí kò gbé pọ̀ mọ́ máa ń wà. Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ilé wọn nínú ìwé tí gbogbo kíláàsì ń gbà. Mo kàn máa ń kọ pé: "Bí ẹnì kan bá wà tí kò gbọdọ̀ mú ọmọ yín, ẹ wá bá mi sọ ọ́ fúnra yín." Bí ó bá jẹ́ bàbá tàbí ìyá gan-an ni wọ́n ní kó má mú un, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Mo ń mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, torí òun ló lè béèrè ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ.

Àìsàn: èyí tí ọmọ á fi dúró sílé, àti èyí tó yẹ ká mọ̀

Nǹkan méjì ni, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ wá. "Bí ara ọmọ kò bá yá" kò tó, torí òbí tó ní ọjà láti lọ tà á fún ọmọ ní pàrásítámọ́ọ̀lù ní aago mẹ́fà, ara á tutù títí di aago mẹ́wàá, ibà á sì padà dé ní kíláàsì. Nítorí náà:

"Bí ara ọmọ bá gbóná, kó wà nílé títí yóò fi lo odindi ọjọ́ kan láìsí ibà, láìsí pé ó lo oògùn ibà. Bí ó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, bákan náà ni. Àpólò: títí ojú kò fi ní máa ṣepin mọ́. Ṣíkín-pọ́ọ̀sì: títí gbogbo iléròrò olómi rẹ̀ yóò fi gbẹ tó sì di èépá."

Àpólò kò nílò àlàyé fún òbí kankan. Ọdún 1969 tó kọ́kọ́ jà ní Gánà ni ọkọ̀ Àpólò gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Orúkọ tí òbí mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa lò.

Ní ti oògùn, ẹ kọ ọ́ kó ṣe kedere pé kó má wà nínú báàgì ọmọ. Síróọ̀pù ikọ́ dùn. Mo ti bá ọmọ kan rí tó ń bu tirẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nínú ìdérí ike omi. Àgbàlagbà ni kó fi oògùn lé tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ, aago tó máa lò ó àti iye tó máa lò sí.

Èkejì ni àìsàn tí ọmọ ń bá gbé. Ọmọ tó ní fọníkú-fọladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi lóòrèkóòrè, èyí á sì mú kó máa tọ̀ lóòrèkóòrè. Kò yẹ kó dúró pẹ́ nínú oòrùn ní àpéjọ, kò sì yẹ kí òjò pa á. Tíṣà tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sá fún iṣẹ́ ni, á ní kó jókòó. Àwọn òbí máa ń fi í pa mọ́ nítorí ẹnu aráyé, n kò sì bá wọn jà. Ọ̀nà tí a gbà bèèrè ni kí a tún ṣe:

"Bí ọmọ yín bá ní àìsàn kan tó yẹ ká mọ̀, bíi fọníkú-fọladìde, ikọ́ fée tàbí wárápá, tàbí tí oúnjẹ kan ń bá a jà, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú àpòòwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí ẹ sì fi lé mi lọ́wọ́. Èmi, ọ̀gá àti nọ́ọ̀sì nìkan ni yóò rí i. Ẹ sọ ohun tí a ó ṣe bó bá dé sí i, àti ẹni tí a ó pè."

Kí n tó fi "èmi, ọ̀gá àti nọ́ọ̀sì nìkan" kún un, òfìfo ni wọ́n ń dá ibẹ̀ padà. Lọ́dún tí mo fi kún un, òbí mẹ́ta kọ nǹkan sí i. Ọ̀kan nínú wọn ti ní ọmọ méjì tó ti gba ọwọ́ mi kọjá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbí. Ẹ sọ iye ọjọ́, iye ìṣẹ́jú, àti ohun tí ẹ kò fẹ́. Tèmi ni: "Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni ọmọ ń gbé iṣẹ́ wálé, kò sì yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bó bá ti di ogún ìṣẹ́jú tí kò tíì parí, ẹ ní kó dúró, kí ẹ fọwọ́ sí ibi tó bá a dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a kọ ọ́. Àṣìṣe rẹ̀ ló ń sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ tún kọ́ ọ fún mi." Fún òbí tí kò lè kàwé, mo ń fi kún un pé kí ọmọ ka ojú ewé kan sókè sí wọn létí, kó máa fìka tọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ti ń kà á. Bí ìka bá ń sáré ju ẹnu lọ, àkọ́sórí ló ń kà. Òbí náà lè rí ìyẹn láìmọ lẹ́tà kan.

Ohun tí àwa náà á ṣe

Ìwé tó jẹ́ kìkì "ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe báyẹn" ń dun òbí bí ìwé àṣẹ. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin á ṣe pẹ̀lú, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí agbára yín ká. Mẹ́ta ni tèmi: bí ọmọ kò bá wá, tí n kò sì gbọ́ nǹkan kan, n ó pe ilé kí aago 9:00 tó lù; iṣẹ́ tó bá dé lónìí, n ó máàkì rẹ̀ kó tó di ọ̀la; lọ́jọ́rú, láti aago 2:15 sí aago 3:00, mo wà ní kíláàsì fún òbí tó bá fẹ́ rí mi. Mo ti ṣèlérí ìpè ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sí gbogbo òbí nígbà kan. Ọmọ márùndínlógójì ló wà nínú kíláàsì. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, mi ò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìwé ìdáhùn, àti bó ṣe máa dé ọwọ́ wọn

Lórí ìdajì bébà náà: orúkọ ọmọ, orúkọ ẹni tó kà á, nọ́ńbà fóònù méjì tó ń lọ, èèyàn mẹ́ta tó lè mú ọmọ, àti ìlà ìfọwọ́sí. Ẹ má bèèrè ohun tí ọ́fíìsì ti ní.

Kí ẹ tó ṣe fótókọ́pì rẹ̀, ẹ kà á sókè sí ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà létí. Èmi àti ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín nítòsí géètì wa ni. Bí mo bá kà á tán, mo máa ń bi í pé: aago mélòó lo máa gbé ọmọ wá? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fẹ́ wá mú un, kí lo máa ṣe? Ibi tó bá ti ṣe tì, ibẹ̀ ni mo ń tún kọ.

Ẹ má fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ẹkún ọmọ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́rú ni mo ń fún wọn, ọwọ́ ẹni tó wá mú ọmọ ni mo sì ń fi í lé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo ń ka ti Yorùbá sórí Wásáàpù kíláàsì fún àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ìwé ìdáhùn gbọ́dọ̀ padà ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tí tiwọn kò bá tíì dé, mo ń dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú báírò àti bébà míì, a ó sì jọ kọ ọ́ níbẹ̀.

Tí wọ́n bá ti pé, ẹ fi wọ́n sínú fáìlì kan ní kíláàsì, kí ẹ̀dà wà ní ọ́fíìsì. Orúkọ àwọn tó ń mú ọmọ nìkan ni mo ń fún ọlọ́dẹ géètì. Ní oṣù Kìíní, tí sáà kejì bá wọlé, mo máa ń dá ìwé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan padà sílé fún ọjọ́ méjì kí wọ́n lè tún un ṣe, torí nọ́ńbà fóònù máa ń yí padà lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọmọ tẹ́lẹ̀ sì lè má wà mọ́.